Idà Kan Náà, Ọrùn Mìíràn: Bí A Ṣe Ń Yẹ Eré Wò Mọ́ Ìwé Tó Bí I

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, mo wo The Walking Dead, eré àwọn òkú tó ń dìde yẹn, parí lórí tẹlifíṣọ̀n, mo wá ra kọ́míìkì rẹ̀. Mo ń kọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó kú níbí wà láàyè lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níbí kò sí lọ́hùn-ún rárá. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kó yé mi, kí n má kàn máa sọ pé wọ́n ti yí i padà?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, orúkọ tí o fi ṣe ìpìlẹ̀ ló dà iṣẹ́ náà rú. Nínú eré yìí, ìṣẹ̀lẹ̀ ni àwọn tó gbé kọ́míìkì náà sórí tẹlifíṣọ̀n dì mú ṣinṣin. Ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa ṣẹ̀ sí ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí o bá ń tẹ̀lé orúkọ, ńṣe ni wàá máa rí òkú àti alààyè tí kò bára wọn mu. Nítorí náà, pa àkọsílẹ̀ olórúkọ yẹn tì, ṣí ojú ewé tuntun, kí o máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀. Mo máa mú ọ̀kan tí mo ti yẹ̀ wò dáadáa kí o rí bí mo ṣe ń ṣe é. Ìwọ ti wò ó tán. Ẹlòmíràn tó ń kà á tí kò sì fẹ́ mọ ẹni tó máa kú, kó yáa dúró síbí.

Wá ìpín kẹjọ ní sáà kẹrin, níbi tí Governor, ọ̀tá wọn, ti wá dúró síwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Rick àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé. Mú bírò lọ́wọ́, kí o máa dá a dúró léraléra. Hershel, bàbá àgbà inú ọgbà náà, àti Michonne, obìnrin tó máa ń lo idà, wà lórí eékún, wọ́n ti dè wọ́n lọ́wọ́. Àwọn èèyàn Governor wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Rick wà lódìkejì wáyà ọgbà, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé àyè gba gbogbo wọn, pé èèyàn lè yí padà. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, kámẹ́rà lọ bá ojú Hershel, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń bá Rick sọ láti ọjọ́ yìí ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Governor bá pè é ní òpùrọ́, kò tilẹ̀ pariwo, ó sì fi idà Michonne ṣá Hershel lọ́rùn. Maggie àti Beth, àwọn ọmọ rẹ̀, ń wò ó láti inú ọgbà.

Wá ṣí ẹ̀dà 46 kọ́míìkì náà. Governor tún wà níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Idà Michonne ló tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹdè kan tún wà níwájú rẹ̀, Rick àtàwọn yòókù sì wà nínú ọgbà, wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n Tyreese ni òǹdè náà. Hershel ṣì wà láàyè lọ́jọ́ yẹn, inú ọgbà ló wà.

Ká ní orúkọ lo ń tẹ̀lé ni, ìlà méjì tí kò mọ ara wọn rí lo máa kọ: pé ikú Hershel yàtọ̀, pé ikú Tyreese náà yàtọ̀. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ikú kan ṣoṣo ni, wọ́n kàn gbé e kúrò lórí ẹnì kan sórí ẹlòmíràn.

Wàá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, pé kì í ṣe méjì tó kàn jọra. Àmì ni mò ń wá. Ohun tí mò ń pè ní àmì ni nǹkan tí ìtàn náà kò nílò dandan, tí wọ́n ì bá ti fi òmíràn rọ́pò láìba nǹkan kan jẹ́, síbẹ̀ tí wọ́n gbé wá bó ṣe wà. Pé ọ̀tá pa òǹdè kì í ṣe àmì, torí pé inú ìtàn ogun wo ni èyí kò ti sí? Ìbọn ni Governor ì bá fi pa á, ìbọn sì kún ọwọ́ wọn. Pé ó jẹ́ idà, tó sì jẹ́ idà Michonne gan-an, èyí ni àmì kìíní. Pé iwájú wáyà ọgbà ló ti ṣe é lójú àwọn ènìyàn ẹni náà, èyí ni ìkejì. Pé ọgbà ẹ̀wọ̀n náà fọ́ kété lẹ́yìn rẹ̀, tí gbogbo wọn sì túká, èyí ni ìkẹta. Èmi kì í sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣí kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn bí n kò bá tíì rí àmì mẹ́ta. Bí mo bá rí ọ̀kan tàbí méjì, mo máa kọ ọ́ pé ó jọ ọ́, mo máa fi àmì ìbéèrè sí i, mo sì máa kọjá.

Àtẹ tí mo ń lò kò le. Fi rúlà fa ìlà sí ìwé rẹ kó lè pín sí òpó márùn-ún. Kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí òpó kìíní ní gbólóhùn kan tí kò ní orúkọ ènìyàn nínú, irú bíi "ọ̀tá fi idà bẹ́ òǹdè lórí níwájú ọgbà". Àìsí orúkọ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, torí ìgbà tí o bá yọ orúkọ kúrò lo máa tó rí i pé ohun kan náà wà ní ìhà méjèèjì. Kọ ibi tó wà nínú ìwé àti nínú eré sí òpó kejì, ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ṣẹ̀ sí sí òpó kẹta, ẹni tó wà níbẹ̀ tó ń wò sí òpó kẹrin. Òpó karùn-ún ni ti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Òpó kẹrin àti ìkarùn-ún ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ sì máa ń sá pamọ́ sí.

Jẹ́ ká fi ti Hershel àti Tyreese kún òpó méjèèjì yẹn. Nínú kọ́míìkì, Tyreese ni akọni wọn, òun ni wọ́n ń gbára lé nígbà ìjà. Òun àti Michonne sì tún jọ ń fẹ́ra wọn, idà Michonne ló wá gbẹ̀mí olólùfẹ́ rẹ̀. Agbára ni ọgbà náà pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Nínú eré, ẹni tó ń gba Rick nímọ̀ràn, tó tún jẹ́ bàbá fún ọmọbìnrin méjì tó ń wò, ni idà náà ṣubú lé. Ọgbọ́n ni wọ́n pàdánù níbẹ̀. Ikú náà kò yí padà, ohun tó mú lọ ló yí padà.

Wá wo Hershel fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀dà 48, wọ́n ti yìnbọn pa Billy ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀, ayé ti sú u, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò sá mọ́, Governor sì pa á. Hershel ti kọ́míìkì kú pẹ̀lú àìnírètí. Hershel ti tẹlifíṣọ̀n kú nígbà tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìrètí tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó kọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé "Hershel kú nínú méjèèjì, ọwọ́ Governor ló sì ti kú, nítorí náà kò sí ìyàtọ̀", òótọ́ ló sọ nípa orúkọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan nípa Hershel. Mo ti wo àwòrán ẹ̀rín yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ó sì máa ń dùn mí títí dòní, torí pé mo mọ ohun tó wà ní ipò rẹ̀ nínú ìwé.

Ó ṣì kù. Tyreese tí idà náà fò dá ṣì ní láti wà níbì kan nínú eré. Lẹ́yìn tí ọgbà fọ́, òun ló gbé Judith ọmọ Rick sá lọ. Nínú kọ́míìkì, Lori ìyàwó Rick àti Judith kú papọ̀ nínú ẹ̀dà 48 kan náà yẹn. Nínú eré, Lori ti kú tipẹ́ nígbà ìbímọ ní sáà kẹta, ọmọ sì yè. Ṣé o rí i? Ẹni tí ì bá ti kú ló gbé ọmọ tí ì bá ti kú. Bí o bá tẹ̀lé òpó karùn-ún dáadáa, ìyípadà kan á máa mú ọ dé òmíràn, wàá sì rí i pé púpọ̀ nínú ohun tó dà bíi pé wọ́n yí padà láìnídìí wulẹ̀ jẹ́ gbèsè tí ìyípadà ìṣáájú dá sílẹ̀ ni.

Ìgbà mìíràn, wọn kì í gbé ìṣẹ̀lẹ̀ odindi fún ẹlòmíràn, wọ́n máa ń là á sí méjì ni. Ikú Shane ni mo máa ń fi kọ́ èyí. Nínú ẹ̀dà 6, Shane fẹ́ pa Rick ọ̀rẹ́ rẹ̀, Carl ọmọ Rick tó jẹ́ ọmọdé sì yìnbọn fún un. Carl ló pa á nìyẹn. Ìgbà tó pẹ́, ní ẹ̀dà 15, tí Rick ti mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá kú ló ń dìde, bóyá wọ́n gé e jẹ ni o tàbí wọn kò gé e jẹ, ó padà lọ hú Shane, ó bá a tó ti di òkú tó ń mira, ó sì tún yìnbọn fún un. Ní ìpín kejìlá sáà kejì eré náà, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Rick fi ọ̀bẹ gún Shane pa nínú pápá. Shane dìde lẹ́yìn rẹ̀, Carl tó ti dé síbẹ̀ sì yìnbọn fún òkú náà.

Ìbọn Carl wà níbẹ̀. Ikú Shane ẹ̀ẹ̀mejì wà níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ọmọdé kò pa alààyè mọ́, bàbá rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "Carl yìnbọn fún Shane nínú méjèèjì" sílẹ̀ kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí nǹkan kan. Nítorí náà, bí òpó kẹta rẹ bá ní ẹni méjì ní ìhà kan tó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní ìhà kejì, dúró kí o wò ó bóyá wọ́n là á ni.

Àṣìṣe mẹ́ta wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo sì ti ṣe ọ̀kan nínú wọn rí. Àkọ́kọ́ ni gbígbára lé àkọlé. Ìdìpọ̀ kẹjọ kọ́míìkì náà ń jẹ́ Made to Suffer. Ìpín kẹjọ sáà kẹta eré náà ń jẹ́ Made to Suffer. Orúkọ bá ara mu, nọ́mbà kẹjọ bá ara mu, ènìyàn á sì fẹ́ fi wọ́n sí ìlà kan náà. Ìṣubú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà nínú ìdìpọ̀ yẹn, ó sì tó odindi sáà kan lẹ́yìn ìpín yẹn kí eré náà tó dé ibẹ̀. Woodbury, ìlú Governor, ni wọ́n lọ jà nínú ìpín náà. Àkọlé jẹ́ ìkíni sí ẹni tó ti ka ìwé, má fi ṣe ẹ̀rí.

Ìkejì ni kíkánjú sọ pé wọ́n yọ nǹkan kúrò. Tyreese wọ kọ́míìkì láti ẹ̀dà 7. Ẹni tó bá parí sáà kejì eré náà tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti yọ Tyreese kúrò ti ṣìnà, torí pé sáà kẹta ló dé. Kódà, ìpín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn gan-an ló ti kọ́kọ́ yọjú. Títí eré bá fi parí, "n kò tíì rí i" ni kí o máa kọ. Ìwọ ti rí eré náà dé òpin, àǹfààní ńlá nìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ láàárín 2010 sí 2022 kò ní i.

Ìkẹta ni èyí tí èmi náà ṣe: mo gbára lé ìrántí. Mo ti fi ìdánilójú sọ fún àwọn ènìyàn rí pé mo rí orí Hershel lábẹ́ idà nínú kọ́míìkì. Mo lè ṣàpèjúwe àwòrán náà fún wọn ní dúdú àti funfun, bí kọ́míìkì náà ṣe rí. Nígbà tí mo padà ṣí ìwé, Tyreese ni mo bá níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti ya àwòrán lé orí tèmi láìjẹ́ kí n mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í kọ nǹkan kan sínú àtẹ àyàfi tí ìwé bá ṣí síwájú mi tí eré sì dúró lójú kan.

Kó má baà gbà ọ́ lákòókò láti wá ibi tí nǹkan wà, lo ìṣirò kékeré yìí. Ìdìpọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan kó ẹ̀dà mẹ́fà. Pín nọ́mbà ẹ̀dà tí ò ń wá sí mẹ́fà. Bí ó bá ṣẹ́kù, fi ọ̀kan kún un. Ẹ̀dà 46 pín sí mẹ́fà jẹ́ méje, ó ṣẹ́ku mẹ́rin, nítorí náà ìdìpọ̀ kẹjọ ló wà. Ẹ̀dà 193 tó kẹ́yìn nìkan ni kò tẹ̀lé òfin yìí, torí pé wọ́n fi kún ìdìpọ̀ 32. Bí ó bá jẹ́ ìwé ńlá alákànpọ̀ lo rà, ẹ̀dà 48 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti fọ́ gan-an ló parí sí.

Wàyí o, àtẹ yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ ohun tó yí padà fún ọ, ó lè sọ ohun tí ìyípadà náà fà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Carol kú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìdìpọ̀ keje, ṣùgbọ́n nínú eré ó wà títí dé ìpín tó kẹ́yìn. Sophia ọmọ rẹ̀ wà láàyè títí kọ́míìkì fi parí ní 2019, nígbà tí eré pa á ní sáà kejì. Ìyá àti ọmọ pààrọ̀ ipò, àtẹ yóò fi èyí hàn ọ́ kedere. Bóyá torí òṣèré ni, bóyá torí owó ni, bóyá torí pé òǹkọ̀wé kan fẹ́ràn rẹ̀ ni, kò sí ojú ewé kan nínú kọ́míìkì tó lè sọ ọ́. Àyàfi tí ẹni tó ṣe é bá ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Ohun kan tí mo lè sọ láìbẹ̀rù ni pé Robert Kirkman tó kọ kọ́míìkì náà wà lára àwọn tó ṣe eré náà, ó sì kọ àwọn ìpín kan fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé àwọn àjèjì wá ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ kò dúró níbí.

Daryl, ọ̀kan lára àwọn èèyàn Rick nínú eré, ní tirẹ̀ kò sí nínú kọ́míìkì rárá. Má ṣe wá ẹnìkejì rẹ̀ kiri. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o wo òpó kẹta rẹ ní ìhà tẹlifíṣọ̀n, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí orúkọ rẹ̀ bá ti hàn, kí o sì wo ẹni tó wà ní àyè yẹn ní ìhà kọ́míìkì. Wàá rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti gba iṣẹ́ tó ń ṣe.

Bí o bá fẹ́ fi àtẹ yìí ṣe eré tó wá láti inú ìwé àròsọ lọ́jọ́ mìíràn, àmì inú rẹ̀ kì yóò jẹ́ àwòrán bí ti kọ́míìkì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohun èlò ni wàá máa wá, wàá sì ní láti fi òpó kan kún un fún ohun tí ẹni náà ń rò lọ́kàn, torí pé èrò ọkàn ni eré sábà máa ń sọ di ìṣe tàbí di ọ̀rọ̀ tó bá ẹlòmíràn sọ. Ní ti eré orí ìtàgé, ohun tí wọ́n kàn ròyìn lórí ìtàgé pé ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ìyẹn ni tẹlifíṣọ̀n máa ń lọ fi hàn.

Ọ̀kan rèé tí wàá fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ṣí ìdìpọ̀ 17, ẹ̀dà 98. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, ọfà gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ jáde lójú rẹ̀, kò sì tíì mọ̀ pé òun ti kú, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Abraham ni. Wá lọ sí ìpín kẹrìnlá sáà kẹfà eré náà. Wàá rí ọfà yẹn, ojú yẹn, àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ láìdúró yẹn, lẹ́nu Denise. Kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí orúkọ, ka àwọn àmì rẹ̀, kí o sì wo ẹni tó dúró tì í ní ìhà méjèèjì. Tí o bá dé òpó karùn-ún, má tíì pa ìwé dé. Ní kọ́míìkì, ẹ̀dà kan péré ló wà láàárín ọfà yẹn àti kóńdó Negan, ọ̀tá wọn tuntun, èyí tó pa Glenn ní ẹ̀dà 100. Ní tẹlifíṣọ̀n, Abraham tí ọfà fò dá ṣì wà láàyè nígbà tí Negan dé. Wo ìpín kìíní sáà keje, kí o ka iye ẹni tí kóńdó náà pa lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì wo ẹni tó kọ́kọ́ bà.